Ìdí Tí Ẹ̀fẹ̀ Àtijọ́ Fi Tún Ń Pa Wá Lẹ́rìn-ín

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ni.

Bí ẹnìkan bá pa àwàdà kan fún yín lánàá, tó tún wá pa á lónìí, ẹ ó sọ fún un pé ẹ ti gbọ́ ọ. Bó bá tún pa á lọ́la, ẹ lè dìde kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ wá wo eré apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹnìkan ń sọ nínú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kò sì sú wa. Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an la ń dúró dè. Bí wọn ò bá sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, a ó ní eré ọ̀hún ò pé. Kí ló fà á tí àwàdà tó yẹ kó ti kan fi ń dùn sí i bó ṣe ń pẹ́?

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún á rántí eré kan tó ń jẹ́ Basi and Company. Ken Saro-Wiwa ló kọ ọ́, òun náà ló sì ń náwó sí i. Ọdún 1985 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn lórí NTA káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, ó sì ń bá a lọ títí di ọdún 1990, nǹkan bí àádọ́jọ apá ni wọ́n ṣe. Ìtàn rẹ̀ kò le rárá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Basi, ẹni tí wọ́n tún ń pè ní Mr B, ń gbé yàrá kan ní òpópónà Adetola nílùú Èkó. Kò níṣẹ́, kò lówó, kò sì tíì san owó ilé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Alali wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ebi sì ni tirẹ̀ nígbà gbogbo. Obìnrin tó ni ilé, Madam, lówó lọ́wọ́, ó sì fẹ́ràn owó. Dandy ní ilé ọtí, Josco ti ṣẹ̀wọ̀n rí, Segi sì jẹ́ arẹwà obìnrin tó mọ ohun tó ń fẹ́. Gbogbo wọn ló ń wá owó òjijì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pète, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ète náà ń forí ṣánpọ́n.

Ẹ̀fẹ̀ méjì ló gbé eré yìí ró ju gbogbo ìyókù lọ. Èkíní ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ẹ̀wù Basi, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń fi ẹnu sọ: bí o bá fẹ́ di mílíọ̀níà, máa ronú bíi mílíọ̀níà. Èkejì ni ìdáhùn Madam sí gbogbo ohun tó bá délẹ̀, ìbáà jẹ́ ìfẹ́, ìbáà jẹ́ àìsàn: ọ̀rọ̀ owó ni. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń sọ ọ́, àmọ́ mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò kàwé rárá. Ọmọdé sọ ọ́, ìyálọ́jà sọ ọ́, ẹni tí wọ́n sì sin lówó ilé sọ ọ́ fún onílé, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, onílé sì gba owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa lára nígbà tí ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn yàrá Basi. A ò tíì rí ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Basi náà ò mọ̀. Ó lè máa fọ́nnu lọ́wọ́ nípa owó tó ń bọ̀ lọ́la. Àmọ́ àwa tí a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ti mọ̀ pé Madam ni, owó ilé ló sì bá wá. Ẹ̀rín ti dé ọ̀fun wa kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Nígbà tí Madam bá wọlé lóòótọ́, ẹ̀rín méjì la ń rín lẹ́ẹ̀kan náà: a ń rẹ́rìn-ín Basi tí wọ́n ká mọ́, inú wa sì ń dùn pé a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tuntun kò lè fún wa ní ẹ̀rín kejì yẹn láé. Ẹni tó bá ti ń wo eré bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló máa ń rí i gbà. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀fẹ̀ tó ń padà wá ń ṣe nìyẹn: ó ń sọ ẹni tó ń wòran di ẹni tó mọ̀ ju ẹni tó ń ṣeré lọ.

Àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ rí èyí bí ohun àjèjì. Saro-Wiwa fúnra rẹ̀ mọ ibi tó ti mú un. Nígbà tó sọ eré náà di ìwé lọ́dún 1987, ó kọ ọ́ sí èèpo ìwé náà pé àlọ́ ilẹ̀ Áfíríkà òde òní ni. Ìjàpá ni Basi, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ìjàpá kì í kọ́gbọ́n. Bó ti jẹ wàhálà nínú àlọ́ àná, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa tún jẹ ẹ́ nínú àlọ́ òní, ẹni tó ń pàlọ́ kò sì ní láti sọ fún wa pé ọ̀kánjúwà ni. Bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, ara àwọn ọmọdé á yá gágá. Nínú àlọ́ àpagbè, ègbè kan náà ni wọ́n máa ń gbè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n ìgbà kẹta tí wọ́n bá gbè é kì í rí bí ìgbà àkọ́kọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti ń burú sí i fún Ìjàpá láàárín ègbè kan sí èkejì. Orin kò yí padà, ohun tó yí i ká ló yí padà. Gbogbo àṣírí iṣẹ́ àwàdà kíkọ wà níbẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò dáadáa.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ eré àwàdà lónìí rò pé kí wọ́n ṣáà fi ọ̀rọ̀ kan sẹ́nu òṣèré, kó máa sọ ọ́ tẹnu mọ́ ọn, kó di ohun tí gbogbo ayé ń sọ. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Basi dùn nítorí pé ojú ibi tó ń bọ́ sí kì í ṣe ọ̀kan náà. Bó bá sọ ọ́ fún Alali tí ebi ń pa, ìyà Alali ló pa wá lẹ́rìn-ín. Bó bá sọ ọ́ fún Madam tó wá gba owó ilé, àyà tó ní láti sọ ọ́ ló ń yà wá lẹ́nu. Bó bá wá sọ ọ́ ní ìparí, lẹ́yìn tí ète ti dàrú, tí ẹ̀wù náà sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ti di ohun tí ọkùnrin yìí fi ń gbé ara rẹ̀ dìde. A rẹ́rìn-ín, àánú rẹ̀ sì ṣe wá. Ọ̀rọ̀ kan, ojú mẹ́ta. Ẹni tó kọ ọ́ kò pààrọ̀ lẹ́tà kan nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí n kì í gbàgbé nípa ẹ̀fẹ̀ yìí. Nígbà tí Basi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1985, náírà kan ju dọ́là kan lọ díẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀, wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ kó wá iye rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tí eré náà parí lọ́dún 1990, nǹkan bíi náírà mẹ́jọ ni wọ́n fi ń ra dọ́là kan. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn ṣe sí ẹ̀fẹ̀ Basi. Ọkùnrin tó ní òun fẹ́ di mílíọ̀níà lọ́dún 1985 ń fọ́nnu ni. Ẹni tó sọ ọ́ lọ́dún 1989, nígbà tí owó oṣù kò ká oúnjẹ mọ́, ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wò ó. Madam tó ní ọ̀rọ̀ owó ni gbogbo rẹ̀ kò wá jọ ọ̀kánjúwà mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ó ti ń jọ ẹni tó lójú inú. Ẹ̀fẹ̀ tó bá pẹ́ láyé, ayé á máa kọ tirẹ̀ lé e lórí. Òǹkọ̀wé kò lè pète ìyẹn, ṣùgbọ́n ó lè fi ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀wù Basi dá lórí olóṣèlú kan tó wà nípò lọ́dún 1985 ni, kò ní pẹ́ tí kò fi ní yé ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀rí míì tún wà pé ẹ̀fẹ̀ yìí lágbára ju ẹni tó ń sọ ọ́ lọ. Albert Egbe ló kọ́kọ́ ṣe Basi. Nígbà tó yá, Zulu Adigwe gba ipò náà. Ojú yàtọ̀, ohùn yàtọ̀, àmọ́ ẹ̀wù náà ni wọ́n gbé wọ̀, yàrá náà ni wọ́n gbé e sí, owó ilé tí kò san náà sì ni. A ráhùn fún ìgbà díẹ̀, a sì gbà. Eré náà kò kú. Ẹ̀fẹ̀ tó ń padà wá ló dà bí ilé fún òṣèré tuntun, ó bá a níbẹ̀, ó sì wọlé.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ká bọ́ sórí èyí tó ṣòro jù: bí apá tó pẹ́ dé ṣe ń na ọwọ́ sẹ́yìn mú ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́. Fún èyí, mo fẹ́ mú yín dé Peckham nílùú Lọ́ńdọ́nù. Ọ̀pọ̀ yín ló ní àbúrò tàbí ọmọ níbẹ̀, nítorí àdúgbò tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ènìyàn inú eré kan ń gbé, eré tó ń jẹ́ Only Fools and Horses, tí John Sullivan kọ fún BBC láti ọdún 1981. Ẹni tó jẹ́ òpómúléró rẹ̀, Del, ẹ̀gbọ́n Basi ni, bí wọn ò tiẹ̀ mọ ara wọn. Ó ń ta ọjà àlòkù àti ọjà tí a ò mọ orísun rẹ̀, ó sì ń gbé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ Rodney nínú ilé gíga kan tí ìjọba kọ́. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ká ìlú. Lẹ́yìn gbogbo ìjákulẹ̀, Del á sọ fún Rodney pé tó bá di ìwòyí àmọ́dún, mílíọ̀níà ni àwa méjèèjì.

Ó sọ ọ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó sọ ọ́ nígbà tó lágbára, ó sọ ọ́ nígbà tí irun rẹ̀ ń funfun. Nígbà tó sì di ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1996, Sullivan ṣe ohun tí Saro-Wiwa kò ṣe fún Basi láé. Ó jẹ́ kí Del rí owó náà.

Ẹ wo ọgbọ́n tó fi ṣe é. Bàbá obìnrin tí Del ń bá gbé, ẹni tó ń ṣòwò ohun àtijọ́, wá kí wọn. Ó bá wọn dé gáréèjì tí wọ́n ń kó ọjà tí kò tà sí. Ó rí aago kan láàárín pàǹtírí, ó sì dá a mọ̀: aago tí ọ̀gbẹ́ni Harrison, ẹni tó ṣe aago fún àwọn atukọ̀ òkun, fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láyé àtijọ́ ni. Wọ́n tà á ní gbàǹjo fún mílíọ̀nù 6.2 pọ́n-ùn. Àmọ́ kì í ṣe aago tí Del ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́sẹ̀ yẹn o. Ó ti wà nínú gáréèjì láti nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Èyí túmọ̀ sí pé gbogbo ìgbà tí Del ń sọ pé tó bá di ìwòyí àmọ́dún, tí a sì ń fi í rẹ́rìn-ín, mílíọ̀níà ni. Òun ni kò mọ̀. Àwa náà kò mọ̀. Ọgbọ́n tó ga jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, kí apá tuntun má wulẹ̀ rán wa létí ẹ̀fẹ̀ àtijọ́, kó yí ẹ̀fẹ̀ àtijọ́ náà padà fún wa. Ẹni tó bá padà lọ wo àwọn apá ọdún 1981 àti 1982 lẹ́yìn ìyẹn, kò ní wò wọ́n bó ṣe wò wọ́n tẹ́lẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn gbàǹjo náà, àwọn ọmọ ìyá méjèèjì padà sínú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn. Wọ́n kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sígbe ayọ̀, ọkọ̀ sì ń mì jìgìjìgì. Mílíọ̀nù 24.3 ènìyàn ló wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà nílẹ̀ Bìrìtìkó. Ìwọ̀nba ẹ̀fẹ̀ tuntun ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ náà ti jẹ́ ẹ̀fẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gáréèjì náà ti jẹ́ ẹ̀fẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ mílíọ̀níà náà sì ti gbó. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àwọn ènìyàn ti fi dúró ni wọ́n gbà padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àmọ́ nǹkan kan kù. Bí Del bá ti di mílíọ̀níà, kí ló kù tó máa sọ? Sullivan mọ̀ pé òun ti pa ẹ̀fẹ̀ tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ òun, ó sì wá ọ̀nà sí i kí apá náà tó parí: ó jẹ́ kí Del sọ pé tó bá di ìwòyí àmọ́dún, wọ́n lè di olówó bílíọ̀nù. Ọ̀rọ̀ náà ló gòkè, ìwà Del kò yí padà. Ibẹ̀ ni eré náà ì bá parí sí, kò sì sí ìparí tó dára tó o. Nígbà tí wọ́n tún padà dé lọ́dún 2001, wọ́n ní Del àti Rodney ti pàdánù gbogbo owó náà, wọ́n sì tún wà ní Peckham bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo wò ó, mo sì rẹ́rìn-ín níbì kan àbí méjì, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti fún wa ni wọ́n gbà padà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n bá ti san tán kò ṣeé yá padà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, èwo ló dára jù nínú méjèèjì, kí Basi má rí owó láé, àbí kí Del rí i? Lójú tèmi, ìyàtọ̀ wà nínú bí ìtàn kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn. Basi kì í dàgbà. Apá kọ̀ọ̀kan dá dúró, tó bá parí, gbogbo rẹ̀ á padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bí àlọ́. Bí Basi bá lówó pẹ́nrẹ́n, yàrá á di òfo, Madam kò ní rí ẹni béèrè owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, eré ti tú. Del ní tirẹ̀ ń dàgbà: ó rí obìnrin tó ń bá gbé, ó bímọ, àbúrò rẹ̀ náà gbéyàwó. Ìtàn tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ bá ń dàgbà gbọ́dọ̀ san ohun tó ṣèlérí lọ́jọ́ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀fẹ̀ á di ìkà. Kí òǹkọ̀wé tó gbé ẹ̀fẹ̀ àpadàwá kalẹ̀, ó yẹ kó ti mọ irú èyí tí òun ń kọ nínú méjèèjì.

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ilé. Ẹ wo Jenifa. Ọdún 2008 ni Funke Akindele kọ́kọ́ gbé e jáde nínú fíìmù, ọmọbìnrin abúlé kan tó ń jẹ́ Suliat, tó fẹ́ di ọmọ ìgboro, tó sì ń ba èdè òyìnbó jẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Fíìmù kejì jáde lọ́dún 2011. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n sọ ọ́ di eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Jenifa's Diary, ó sì tún padà sí sinimá ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ̀fẹ̀ kan náà: Jenifa ń ba òyìnbó jẹ́. Ó yẹ kó ti sú wa. Ohun tó gbà á là ni pé wọ́n ń pààrọ̀ etí tó ń gbọ́ ọ. Nínú fíìmù àkọ́kọ́, àwọn ọmọ yunifásítì ló ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń fi í ṣẹlẹ́yà. Nínú eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ, oníbàárà ń gbọ́ ọ, ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ ń gbọ́ ọ. Wọ́n tún gbé ẹnìkan wá tó jọ ọ́: Sege, tí akọrin Falz ṣe. Òun náà ń ba òyìnbó jẹ́, àmọ́ lọ́nà tirẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ń bára wọn sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnìkejì òun ń ṣìsọ. Ẹ̀fẹ̀ tó ti fẹ́ gbó di tuntun, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn ò yọ Jenifa kúrò nínú ìwà rẹ̀ rárá.

Ẹ̀fẹ̀ tún lè lẹ̀ mọ́ ènìyàn títí ayé. Usman Baba Pategi, ọmọ Pátígi ní ìpínlẹ̀ wa níbí, ṣe Samanja lórí tẹlifíṣọ̀n ní èdè Haúsá, ọ̀gá sójà tó ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ní bárékè. Nígbà tó kú lọ́dún 2023, orúkọ Samanja ni ọ̀pọ̀ fi kédàárò rẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ti kú? Àwọn tó ń ṣe eré àwàdà fún rédíò ní Ìlọrin níbí máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí, ìdáhùn rẹ̀ sì rọrùn. Ẹ jókòó ti àwọn ènìyàn nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ eré yín. Bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú òṣèré, tí wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, ẹ̀fẹ̀ náà wà láàyè. Bí wọ́n bá sọ ọ́ ṣáájú, tí wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ti ń kú lọ. Bí wọn ò bá tiẹ̀ sọ ọ́ mọ́, tí wọ́n ń dúró kó kọjá, ẹ sin ín. Ohun tó sì máa ń pa á jù ni pé kí òǹkọ̀wé fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu òṣèré nígbà tí kò sí ìdí fún un. Basi ń sọ̀rọ̀ mílíọ̀níà nítorí pé kò ní kọ́bọ̀. Ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ àwàdà rẹ̀ nítorí pé àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, kì í ṣe ẹni inú ìtàn mọ́, ó ti di ẹni tó ń tajà.

Ìṣòro kejì ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí apá ogójì bá ran àwọn ènìyàn létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní apá kẹta, ẹni tí kò gbọ́ apá kẹta ńkọ́? Ẹ má dúró ṣàlàyé fún un, àlàyé ló ń pa ẹ̀fẹ̀. Ẹ kọ ọ́ kó lè dùn fún ẹni tuntun bó ṣe wà, kó wá dùn ní ìlọ́po méjì fún ẹni àtijọ́. Aago Del ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò wo Only Fools and Horses rí mọ̀ pé aláìní méjì ti di olówó lójijì, ìyẹn sì tó o. Ẹni tó ti ń wò ó láti ọdún 1981 ló ń sunkún.

Àwọn tó kọ Basi àti Del mọ ohun tó wà nínú yàrá àti gáréèjì wọn. Ní tiwa, ọ̀pọ̀ eré rédíò ní Ìlọrin ni wọ́n ń kọ lọ́sẹ̀ tí wọ́n máa gbé e sáfẹ́fẹ́, òṣèré á fi díẹ̀ kún un lójú ẹ̀rọ, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n á sọ fún wa pé bàbá onílé bí ọmọ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ àwa tí à ń gbọ́ rántí pé márùn-ún ni wọ́n dárúkọ. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́kẹ̀lé ti ń bàjẹ́, nítorí olùgbọ́ tó rántí ju òǹkọ̀wé lọ kò ní rẹ́rìn-ín mọ́, àṣìṣe ni yóò máa wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ eré ní Tankẹ, ní Pákátà, ní Adéwọlé, mo bẹ̀ yín. Ẹ ra ìwé kan, kó jẹ́ ti eré yín nìkan. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ènìyàn inú eré sí i, ohun tí kálukú jẹ ní gbèsè, ohun tó ṣèlérí, ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ àti ìdí tó fi ń sọ ọ́, àti apá tó ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Kí ẹ tó kọ apá tuntun, ẹ ka mẹ́wàá tó ṣáájú, kí ẹ wo ohun tí ẹ ti gbàgbé nínú gáréèjì yín. Ẹ má sì jẹ́ kí òṣèré kankan gbé ìwé náà lọ sílé o.